Ibi tí Ọ̀rọ̀ ti Dán Ni Ká Ti Ṣọ́ra: Kíka Iṣẹ́ tí Alábàáṣiṣẹ́ Rán Gba Inú Ẹ̀rọ Ògbufọ̀

Àwọn kan nínú àwọn ẹnjiníà ará Ṣáínà tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ Èkó da iṣẹ́ pọ̀ kì í fúnra wọn kọ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wọn ni wọ́n ń tẹ̀ sórí fóònù, ẹ̀rọ a sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹni tó gbà á bá kan gbólóhùn tó rí wọ́gọwọ̀gọ, èrò rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti bàjẹ́. Èrò tèmi yàtọ̀. Gbólóhùn wọ́gọwọ̀gọ ṣì gbé àmì èdè tó ti wá lára, a sì lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà. Èyí tó dán geere ló yẹ kó máa kọ wá lóminú, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa ń fi àbá dí àlàfo láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo 辛苦了, tí ará Ṣáínà máa ń kọ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́. Ẹ̀rọ lè gbé e jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé ìwọ ti ṣiṣẹ́ kára, tàbí pé ìwọ ti jìyà. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ọ̀gá kan ló ń fojú di òun. Yorùbá kò yẹ kó ṣì í gbọ́: “ẹ kú iṣẹ́” gan-an ni, èyí tí kò ní ojúlówó ìkejì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ti owó le díẹ̀ ju ti ìkíni lọ. 打八折 túmọ̀ sí pé ìdá 8 nínú 10 iye ọjà ni olùrà yóò san. Ọjà ₦100,000 á di ₦80,000. Bí ẹ̀rọ bá túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀dínwó 80 nínú 100, ọjà náà á di ₦20,000 lójú ẹni tó ń kà á, gbólóhùn náà kò sì ní àbùkù kankan tí ojú lè rí.

Ọ̀nà tí àbá ẹ̀rọ ń gbà wọlé nìyẹn. Ká gbé iṣẹ́ kékeré kan yẹ̀ wò: 改了电容，下周发. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ lè mú jáde ni pé “mo ti pààrọ̀ kàpásítọ̀ náà, mà á fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ó yéni, kò sì sí ohun tó wọ́ níbẹ̀. Àmọ́ kò sí “mo” nínú ohun tí ẹnjiníà náà tẹ̀. Èdè Ṣáínà gbà kí olùwà gbólóhùn máà hàn, Gẹ̀ẹ́sì kò gbà, ẹ̀rọ sì ní láti mú ẹnì kan. Kò sí ohun tó sọ bóyá kàpásítọ̀ kan ni tàbí mẹ́wàá, torí ọ̀rọ̀-orúkọ wọn kì í yí padà fún ọ̀pọ̀, bíi tiwa. Èyí tó wúwo jù ni pé 了 fi hàn pé nǹkan parí, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tó parí. A lè ka gbólóhùn náà sí pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, a sì lè kà á sí pé bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n á fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀dù ní Èkó nílò láti mọ èyí tó jẹ́.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ti dára sí i. Òótọ́ ni: láti 2016, tí Google fi irú ẹ̀rọ tuntun tó ń wo odindi gbólóhùn pọ̀ túmọ̀ èdè Ṣáínà sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ti dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n dídán kò lè pèsè ohun tí olùkọ̀wé kò kọ sílẹ̀. Bí èèyàn bá tún ń ránṣẹ́ lórí WeChat ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń túmọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìlà tó ṣáájú, èyí tí ì bá ṣàlàyé ẹni tó ṣe é, kò sí lójú ẹ̀rọ mọ́. Àwọn mìíràn á ní kí ẹnjiníà náà kúkú kọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn: ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó á gé ọ̀rọ̀ kúrú, àlàyé tó ṣe pàtàkì jù ló sì sábà máa ń gé kúrò.

Ohun tó rọrùn jù ni pé kí ẹnjiníà náà máa fi èdè Ṣáínà rẹ̀ sí abẹ́ ìtumọ̀. Ẹni tí kò mọ èdè náà rárá lè dá 我, tó jẹ́ “èmi”, àti 你, tó jẹ́ “ìwọ”, mọ̀ lójú. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní “mo”, tí 我 kò sì sí níbi tó yẹ kó wà, ẹ̀rọ ló fi í síbẹ̀. Dídá ìtumọ̀ padà sí èdè Ṣáínà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí ẹ̀rọ á kàn túmọ̀ àbá ara rẹ̀ padà, yóò sì bá Gẹ̀ẹ́sì náà mu. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè, kó kúrú, kó sì gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀: ṣé ẹ ti pààrọ̀ kàpásítọ̀ lára bọ́ọ̀dù tó ń bọ̀, àbí ẹ ṣì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀? Kí a má béèrè pé “ṣé ẹ kò tíì pààrọ̀ rẹ̀?” Lédè Ṣáínà, bíi ti Yorùbá, ẹni tó bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí irú ìbéèrè yẹn lè máa gbà pé òun kò tíì pààrọ̀ rẹ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ kó sọ pé “rárá”.