Údójì: orúkọ èèyàn tó di owó

Ẹ bi tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ìlàjẹ tàbí níbòmíràn, pé kí ni Údójì. Owó ló máa kọ́kọ́ sọ. Bẹ́ẹ̀, èèyàn ni: Olóyè Jerome Udoji.

Ní 1972, ìjọba Gowon gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, ó fi Údójì ṣe olórí rẹ̀, kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ọba wò. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni kí òṣìṣẹ́ máa fi iṣẹ́ tó yọrí hàn, kó má kàn máa ti fáìlì kiri. Wọ́n jábọ̀ ní 1974. Owó epo ti ń wọlé gan-an nígbà náà, ni ìjọba bá yára mú ti owó oṣù ṣe. Owó oṣù tó kéré jù di náírà 60, wọ́n sì ní àwọn á san án láti oṣù kẹrin ọdún yẹn. Èyí ni pé àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn ò pè é ní àjẹsílẹ̀. Wọ́n ní àwọn gba Údójì.

Kò pẹ́ tí ọjà fi gbówó lórí. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni daṣẹ́ sílẹ̀ torí tiwọn. Ìyá tó ń ta ẹja, tí kò gba kọ́bọ̀, náà ń ra gàrí ọ̀wọ́n.

Ẹ rántí Boycott, aṣojú onílẹ̀ kan ní Áyálándì. Ní 1880, àwọn ará àdúgbò kọ̀ láti bá a ṣiṣẹ́ tàbí tajà fún un. Òun ni wọ́n pa tì, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìpatì náà. Ti Údójì tún yàtọ̀: iṣẹ́ ló kọ̀wé lé lórí, owó ló gba orúkọ rẹ̀.