Àkọlé fídíò: ìwọ̀n láàárín ìtọpinpin àti òtítọ́

Àkọlé fídíò ni gbólóhùn kúkúrú tí ó máa ń hàn pẹ̀lú àwòrán ìbòjú fídíò lórí ìkànnì bí YouTube, tí ènìyàn ń kà kí ó tó pinnu bóyá òun yóò tẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Ó ń ru ìfẹ́ láti mọ̀ sókè, ó sì ń ṣe ìlérí ohun tí òǹwòran yóò bá nínú fídíò náà. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá bo èkejì mọ́lẹ̀, òǹwòran yóò tẹ fídíò náà, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi jáde.

Bí ìtọpinpin ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1994, George Loewenstein, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ìtọpinpin máa ń jí nígbà tí ènìyàn bá rí i pé àlàfo wà láàárín ohun tí òun mọ̀ àti ohun tí òun fẹ́ mọ̀. Èyí fi hàn pé ènìyàn gbọ́dọ̀ ti mọ díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ kan kí àlàfo náà tó lè yọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, àkọlé tí ó dára máa ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, yóò sì fi ìdáhùn pamọ́. Àkọlé tí ó fi ọ̀rọ̀ àti ìdáhùn pamọ́ pọ̀ máa ń kó gbogbo ènìyàn wọlé, títí kan àwọn tí fídíò náà kò kàn.

Ìyípadà ọdún 2012

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n tẹ fídíò ni YouTube ń gbé lé jù lọ láti yan èyí tí yóò fi han àwọn ẹlòmíràn. Èyí ṣe àkọlé ẹ̀tàn láǹfààní. Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iye àkókò tí àwọn ènìyàn fi wo fídíò yẹ̀wò, lára àwọn fídíò tí ó ń dábàá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà nínú èsì ìwákiri ní oṣù kẹwàá. Láti ìgbà náà, títẹ̀ nìkan kò tó mọ́.

Àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo fídíò oníṣẹ́jú mẹ́jọ tí ó kọ́ni bí a ṣe ń fọ kábúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí epo tó pẹ́ nínú rẹ̀ ti dí. Ká ní àkọlé mẹ́ta ni ó ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì hàn sí ènìyàn 1,000.

* «Àṣírí tí mẹkáníìkì kò fẹ́ kí o mọ̀»: ènìyàn 90 tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 40 ní ìpíndọ́gba. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 60.
* «Bí a ṣe ń fọ kábúrétọ̀»: ènìyàn 30 tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 120.
* «Jẹnẹrétọ̀ rẹ kò tàn? Wo ihò kékeré yìí kí o tó pe mẹkáníìkì»: ènìyàn 60 tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 210.

Àkọlé kìíní ni wọ́n tẹ̀ jù, síbẹ̀ òun ni àkókò rẹ̀ kéré jù. Èkejì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé kábúrétọ̀ ni ó bàjẹ́ kò ní dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta dárúkọ ìṣòro tí òǹwòran ní, ó sì fi ihò náà ṣe àlàfo. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí fídíò tètè fi ihò náà hàn, nítorí pé ìlérí ni.

Bí a ṣe ń dá àṣìṣe mọ̀

Nínú YouTube Studio, àwòrán atọ́ka kan ń fi hàn bí iye àwọn tó ń wo fídíò ṣe ń dínkù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì máa ń sọ iye àwọn tó kù ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ọ̀pọ̀ bá ń tẹ fídíò, tí atọ́ka náà sì já wálẹ̀ lójijì kí àkókò yìí tó pé, ó ṣeé ṣe kí àkọlé ti ṣèlérí ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ bá kéré, tí wọ́n sì wò ó pẹ́, fídíò náà dára, àkọlé ni kò fani mọ́ra.

Àmì yìí ní ààlà. Ìkíni gígùn ní ìbẹ̀rẹ̀ lè lé òǹwòran jáde bí àkọlé tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wo gbólóhùn àkọ́kọ́ inú fídíò kí a tó yí àkọlé padà. Bákan náà, ìdá àwọn tó ń tẹ fídíò sábà máa ń dínkù bí YouTube bá ti ń fi í han àwọn tí kò mọ ìkànnì náà tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé àkọlé bàjẹ́. YouTube fúnra rẹ̀ sọ pé láàárín ìdá 2 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìdajì gbogbo ìkànnì àti fídíò máa ń wà.