Yìnyín tí wọ́n dì lóru fún ooru ọ̀sán

1. Ẹ bi ẹni tó ń ta omi tútù ní Ìnísà bó ṣe ń ṣe é tí omi rẹ̀ fi ń tutù nígbà tí kò síná. Á ní bí wọ́n bá ti múná wá lóru, fírísà òun á di omi pa. Tó bá di ọ̀sán, yìnyín ló ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n yìí nítàn, ìtàn ọ̀hún sì dàgbà ju Nẹ́pà lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ tẹ̀ lé e.

2. Ní 1806, Frederic Tudor kó yìnyín tí wọ́n gé lára omi dídì nítòsí Boston sínú ọkọ̀ ojú omi, ó lọ tà á ní Martinique. Ní 1833, yìnyín rẹ̀ dé Calcutta. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù wá dé, ìbéèrè àwọn oníbàárà ni pé: yìnyín tọ́ọ̀nù mélòó lẹ̀rọ yìí dúró fún?

3. Títí dòní, ìdáhùn yẹn la fi ń wọn ẹ̀rọ. "Tọ́ọ̀nù kan" ni agbára tó lè gbé ooru tó máa yọ́ yìnyín kìlógíráàmù 907 kúrò láàárín wákàtí 24. Ẹ pín in: wákàtí kan jẹ́ bíi kìlógíráàmù 38. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń pè ní "ọ́ọ̀sì kan ààbọ̀" lọ́jà wa, tọ́ọ̀nù kan náà ni.

4. Àwọn tó ń ta mílíìkì wà lára àwọn tó tètè rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń fún wàrà, ó sì gbọ́dọ̀ tutù kíákíá. Dípò kí wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá fún iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, wọ́n ra kékeré, ó ń di yìnyín látàárọ̀, wàrà á wá dé bá a.

5. Ní 1978, òfin kan ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ìpínlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kí owó iná máa yàtọ̀ láti wákàtí sí wákàtí. Níbi tí iná ọ̀sán ti wọ́n, yìnyín òru di owó. Calvin MacCracken gbé táǹkì kan jáde: omi wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ páìpù rọ́bà ló ká yípo inú omi náà. Omi tí wọ́n po oògùn mọ́ kó má baà dì ń gba inú páìpù kọjá ní bíi -4°C. Lóru ó ń di omi táǹkì. Lọ́sàn-án ó ń gbé òtútù yìnyín lọ sínú ilé.

6. Ẹ jẹ́ ká ṣírò gbọ̀ngàn kan. Wákàtí 10 ni wọ́n fi ń lò ó lóòjọ́. Nígbà tí ooru bá mú jù, ó ń fẹ́ tọ́ọ̀nù 10. Àpapọ̀ ọjọ́ náà, ká ní 75 (tọ́ọ̀nù lọ́nà wákàtí). Tí ẹ̀rọ bá ń di yìnyín, agbára rẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi ìdá 70 nínú 100. Ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 3.8 á mú 38 wá lọ́sàn-án, á sì mú 37 wá ní wákàtí 14 òru. Ó pé! Yìnyín kìlógíráàmù 1,400 ló rọ́pò ẹ̀rọ tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

7. Ṣùgbọ́n ilé wa ńkọ́? Láti Kọkànlá 2020, Báńdì A dé E la fi ń san owó iná. Iye wákàtí tí iná ń wà lóòjọ́ ni wọ́n wò, kì í ṣe òru tàbí ọ̀sán. Wákàtí ọ̀wọ́n tiwa ni wákàtí jẹnẹrétọ̀.

8. Ìyẹn yí ìṣirò padà. Ká ní wákàtí 8 òru nìkan niná ń wà. 75 pín sí 8 jẹ́ 9.4. Tí a bá rántí ìdá 70 yẹn, ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 13.4 la nílò! Ó ju èyí tí a bá rà láìsí yìnyín rárá. Táǹkì náà á tó kìlógíráàmù 2,800. Èrè ibẹ̀ ni pé lọ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó lè gbé pọ́ǹpù àti fáànù ti tó.

9. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé yìnyín dì dáadáa? Ẹ wo ojú omi táǹkì. Yìnyín máa ń gba àyè ju omi lọ ní bíi ìdá 9 nínú 100, torí náà omi á gòkè bó ṣe ń dì, á sì padà sílẹ̀ bó ṣe ń yọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé omi ti dín, á bu sí i. Lóru ọjọ́ kejì táǹkì á kún àkúnwọ́sílẹ̀, àmì náà á sì máa purọ́. Tí yìnyín àná ò bá sì yọ́ tán kí tòní tó lé e, ó ń nípọn. Yìnyín tó nípọn ń dí òtútù lọ́nà, ẹ̀rọ á máa jẹ iná sí i.

10. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bèèrè iye táǹkì, ẹ gbé bébà sí ẹ̀gbẹ́ mítà fún oṣù kan. Ẹ kọ wákàtí tíná dé àti èyí tó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó burú jù nínú bébà yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣírò.