Àtúntò Àwòrán Ètò Kíláòdù Láti Òsì sí Ọ̀tún

Àtúntò àwòrán ètò kíláòdù ni títún àwòrán tó ń ṣàlàyé ètò kọ̀ǹpútà kan yà, kí àwọn ìpele rẹ̀ lè tò tẹ̀lé ara wọn láti apá òsì sí apá ọ̀tún, kí ẹni tó ń wò ó sì lè fi ojú tọ dátà láti ibi tó ti wọlé títí dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Kíláòdù ni ètò tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Amazon, Microsoft àti Google fi ń yá àwọn ẹlòmíràn ní kọ̀ǹpútà, ibi ìtọ́jú dátà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ayálò sì ń tipasẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì lò wọ́n. Nínú àwòrán irú ètò bẹ́ẹ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún ohun èlò kan, ọfà sì ń so àpótí kan mọ́ òmíràn.

Ohun tó ń dá rúdurùdu sílẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tó rí rúdurùdu kì í ṣe nítorí pé ohun inú wọn pọ̀ jù, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n ń gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè méjì pọ̀: ibo ni ohun kọ̀ọ̀kan ń gbé, àti ibo ni iṣẹ́ ń gbà kọjá. Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ mọ́ agbègbè, nítorí pé ó ń sọ ohun tó wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan àti ohun tó wà ní ìta rẹ̀, nígbà tí ìdáhùn sí ìkejì jẹ mọ́ ìtẹ̀léra. Bí ayàwòrán bá kọ́kọ́ to àwọn àpótí sí agbègbè tí wọ́n ń gbé, tó wá fi ọfà so wọ́n lẹ́yìn náà, ó di dandan kí àwọn ọfà náà máa lọ, máa bọ̀, kí wọ́n sì máa dábùú ara wọn.

A lè rí èyí kedere nínú àpẹẹrẹ ètò ìtajà kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí kíláòdù Amazon. Bùráúsà oníbàárà a máa kàn sí CloudFront, èyí tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwòrán ọjà sí tòsí àwọn tó ń wò wọ́n. CloudFront a máa bu àwòrán tí kò bá ní lọ́wọ́ láti inú S3, tó jẹ́ àká fáìlì, a sì máa darí ìyókù sí Application Load Balancer, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ké sí ALB, èyí tó ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀dà méjì áàpù ìtajà. Áàpù náà a máa kọ ọ́dà sínú dátábéèsì RDS, a sì máa fi ìfiránṣẹ́ kan sórí SQS, tó jẹ́ ìlà ìdúró tí ìfiránṣẹ́ ń wà títí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ yóò fi gbé e. Lambda, èyí tí kóòdù inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí iṣẹ́ bá dé, ló ń gba ìfiránṣẹ́ náà, tó ń ka ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ọ́dà láti inú RDS, tó sì ń kọ rìsíìtì sínú S3.

Nínú àwòrán àtijọ́ irú ètò báyìí, VPC, tó jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni ayálò, ni fírémù ńlá tó gba àárín ojú ìwé. ALB, áàpù, RDS àti Lambda tó ní láti dé ọ̀dọ̀ RDS ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìta ni CloudFront, S3 àti SQS wà. Ọfà ọ́dà kan ṣoṣo yóò wá jáde kúrò nínú fírémù láti dé orí SQS, yóò tún padà wọlé sọ́dọ̀ Lambda, yóò sì tún jáde lọ sínú S3. Bí wọ́n bá tún ya gbogbo ohun ní méjì méjì nítorí pé ẹ̀dà kan wà ní sàkáání kan tí èkejì wà ní òmíràn, tí wọ́n sì fa ọfà láti ọ̀dọ̀ olúkúlùkù lọ sí CloudWatch tó ń gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́, kò sí ojú tó lè tọ ọ́dà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìtumọ̀ ọfà

Iṣẹ́ àtúntò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpinnu lórí ohun tí ọfà ń sọ. Àwọn kan a máa fa ọfà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìkànsí, àwọn mìíràn a sì máa fà á sí ibi tí dátà ń lọ, ìtumọ̀ méjèèjì kì í sì í bára mu nígbà gbogbo. Láàárín SQS àti Lambda, ẹ̀gbẹ́ Lambda ni ìbéèrè ti ń wá bóyá ìfiránṣẹ́ kan wà, ṣùgbọ́n ìfiránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń ti SQS bọ̀. Nínú àwòrán tó ń ka láti òsì sí ọ̀tún, ìlànà tó rọrùn jù ni pé kí ọfà máa tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ kàn, kí a má sì ya ọfà fún èsì tó ń padà, nítorí pé gbogbo ìbéèrè ló ní èsì. Nípa bẹ́ẹ̀, ọfà yóò ti SQS lọ sọ́dọ̀ Lambda, yóò sì ti CloudFront lọ sọ́dọ̀ S3, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ọjà ń gba ibẹ̀ padà bọ̀. Ó yẹ kí ìlànà yìí wà ní kíkọ sí igun àwòrán, kí ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sì wà lórí ọfà kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tó ń gbé, bíi «ọ́dà» tàbí «rìsíìtì».

Ìlànà náà tún ń tú àṣìṣe fó. Route 53 ló ń sọ àdírẹ́sì CloudFront fún bùráúsà, ọ̀pọ̀ àwòrán sì fi í sáàárín oníbàárà àti CloudFront bí ẹni pé ọ́dà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀: bùráúsà béèrè àdírẹ́sì, ó gbà á, ó sì kọjá lọ tààrà. Nítorí náà, ọfà tó ti ọ̀dọ̀ oníbàárà wá sọ́dọ̀ Route 53 gbọ́dọ̀ parí sí Route 53.

Pípín àpótí sí òpó

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín àpótí sí òpó ti wà tipẹ́ ṣáájú kíláòdù. Ní 1981, Kozo Sugiyama, Shojiro Tagawa àti Mitsuhiko Toda gbé ọ̀nà kan jáde tó ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: kí a yí ọfà tó bá ń dá àyípo sílẹ̀ padà, kí a fi àpótí kọ̀ọ̀kan sí ìpele, kí a to àwọn àpótí inú ìpele kan kí ìdábùú lè dínkù, kí a sì wá fún wọn ní ààyè gan-an lójú ìwé. Ọ̀nà yìí ni ìpìlẹ̀ `dot`, irinṣẹ́ inú Graphviz, tó ń fi ìpele tò láti òkè sí ìsàlẹ̀ àyàfi bí a bá pàṣẹ `rankdir=LR`.

```
digraph itaja {
  rankdir=LR;
  node [shape=box];
  onibara -> CloudFront -> ALB -> itaja -> SQS -> Lambda;
  onibara -> Route53;
  CloudFront -> S3;
  itaja -> RDS;
  Lambda -> S3;
  Lambda -> RDS;
}
```

Òfin ìpele ni pé àpótí gbọ́dọ̀ wà ní apá ọ̀tún gbogbo ohun tó ń fa ọfà sí i. Bó bá jẹ́ ti CloudFront nìkan, S3 ì bá wà ní òpó kẹta. Ṣùgbọ́n Lambda, tó wà ní òpó kẹfà, náà ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, nítorí náà òpó keje ló bọ́ sí. Bákan náà ni RDS, tí áàpù àti Lambda jọ ń lò. Báyìí ni ibi ìtọ́jú méjèèjì ṣe dúró pọ̀ ní ìpẹ̀kun apá ọ̀tún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tì wọ́n síbẹ̀.

Dídín ìdábùú kù

Helen Purchase fi ìdánwò tó tẹ̀ jáde ní 1997 hàn pé, nínú àwọn ohun ìrísí tó yẹ̀ wò, ìdábùú ló ń dí òye àwòrán lọ́wọ́ jù. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1983, Michael Garey àti David Johnson ti fi ẹ̀rí hàn pé wíwá iye ìdábùú tó kéré jù lọ wà lára àwọn ìṣòro tí kò tíì sí ọ̀nà yíyára kankan láti yanjú, ìdí nìyí tí irinṣẹ́ fi ń lo ìṣirò tó súnmọ́ ọn.

Ìṣirò tó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi àpótí kọ̀ọ̀kan sí ìwọ̀n àárín ipò àwọn tó ń fa ọfà sí i láti òpó tó ṣáájú. Ọfà tó bá fo òpó kọjá a máa gba ipò kan nínú òpó tó fò. Ní òpó kẹfà, ọfà láti CloudFront sí S3 gba ipò 1, Lambda gba ipò 2, ọfà láti áàpù sí RDS sì gba ipò 3. S3 ń gba ọfà láti ipò 1 àti 2, àárín wọn sì jẹ́ 1.5, RDS ń gba tirẹ̀ láti ipò 2 àti 3, ìyẹn 2.5. S3 ni yóò wà lókè, RDS nísàlẹ̀, gbogbo ọfà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò sì dé ibi tí wọ́n ń lọ láìsí ìdábùú kan. Bí ayàwòrán bá pààrọ̀ ipò àwọn méjèèjì, tí àwọn ọfà sì wá láti ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ìdábùú yóò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí kò bá òpó mu

Àwọn ohun kan wà tí gbogbo àpótí ń lò, bíi CloudWatch àti IAM tó ń ṣàkóso ẹni tó láṣẹ láti ṣe kí ni. Wọn kò ní ipò nínú ìtẹ̀léra, nítorí náà ọ̀já gbọọrọ kan ní ìsàlẹ̀ àwòrán ló tọ́ sí wọn, láìsí ọfà, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ pé gbogbo ohun tó wà lókè ló ń lò wọ́n. Ẹ̀dà méjì áàpù di àpótí kan tí wọ́n kọ «×2» sí.

Ọfà tó ń padà ní tòótọ́ yàtọ̀ sí èsì. Ìfiránṣẹ́ tí Lambda bá gbìyànjú lé lórí lẹ́ẹ̀mélòó kan láìyọrí ni SQS lè gbé lọ sí ìlà ìdúró mìíràn fún àwọn tó kùnà, òṣìṣẹ́ sì lè dá a padà sí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe. Irú ọfà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi àmì ẹlẹ́sẹẹsẹ yà. Nínú Graphviz, `constraint=false` kì í jẹ́ kó yí ìpele àwọn àpótí padà. Bí ọfà tó ń tọ́ka sí òsì bá wá pọ̀ jù, ó túmọ̀ sí pé ètò náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin gidi, tàbí pé ìtumọ̀ ọfà ti yí padà láàárín àwòrán.

Ibi tí àwòrán náà mọ

Níwọ̀n bí SQS ti wà láàárín áàpù àti Lambda nínú ìtẹ̀léra, ṣùgbọ́n tó wà ní ìta VPC nínú agbègbè, kò sí fírémù onígun mẹ́rin kan tó lè yí àwọn ohun inú VPC ká nínú àwòrán tuntun láìgbé SQS mọ́ ọn. Ayàwòrán tó bá fi agídí ya fírémù náà yóò pa irọ́ nípa agbègbè, tàbí kó da ìtẹ̀léra rú. Àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan lára àpótí tó wà nínú VPC tó láti sọ ìyẹn. Síbẹ̀, àwòrán yìí kò lè fi hàn bóyá ètò yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ bí sàkáání kan bá kú, tàbí ọ̀nà tí áàpù ń gbà jáde láti inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé orí SQS. Àwòrán agbègbè kejì ló ni ìdáhùn wọ̀nyí, orúkọ tí àpótí ń jẹ́ nínú àwòrán méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́tà sí lẹ́tà, kí ẹni tó bá rí ibi tí ọ́dà ti dúró nínú àwòrán kìíní lè rí sàkáání tó yẹ kó lọ yẹ̀ wò nínú èkejì.