Gbèdéke àti Ìkàpadà: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ètò Fíìmù Kàtúùnù

Ètò fíìmù kàtúùnù oníṣẹ́jú mẹ́wàá kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ayàwòrán kọ́kọ́ mú pẹ́ńsù; láti gbèdéke ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ayẹyẹ fíìmù kàtúùnù ti ìlú Annecy nílẹ̀ Faransé, tó ti wà láti 1960, máa ń wáyé lóṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń dẹ́kun fíìmù gbígbà. Ọjọ́ ìdẹ́kun yẹn ni gbèdéke, kì í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọ̀sẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, “ìkàpadà” sì ni orúkọ tó bá a mu. Télọ̀ tó gba aṣọ ẹbí mọ ìṣirò yìí dáadáa: ọjọ́ ìgbéyàwó ló ń mú, á yọ ọjọ́ tí yóò lọ aṣọ, á yọ ọjọ́ tí wọn yóò wọ̀ ọ́ wò, ibi tó bá já sí ni àlùmọ́gàjí gbọ́dọ̀ kan aṣọ.

Bí gbèdéke bá jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kejì, ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ nínú. Ó wuni láti pè é ní ẹ̀nì, àmọ́ ẹ̀yìn tí òṣùwọ̀n bá kún ni ẹ̀nì ń wá. Inú òṣùwọ̀n gan-an ni ọ̀sẹ̀ méjì yìí wà, torí fáìlì lè bàjẹ́, ohùn sì lè yà kúrò lára ẹnu. “Ọjọ́ àfipamọ́” ló dára jù. Ohùn àti orin gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní. Ìparí àwọ̀ kíkùn gba mẹ́ta. Kérésìmesì á jẹ ọ̀kan sí i, ó di ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá.

Yíyà ló ń jẹ àkókò jù. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ní férémù 24; bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá gba férémù méjì, fíìmù náà nílò àwòrán 7,200. Ayàwòrán mẹ́rin tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń parí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ́sẹ̀ yóò lo ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ṣáájú ìyẹn ni “egungun fíìmù”: àwòrán oréfèé tí wọ́n tò tẹ̀ léra pẹ̀lú ohùn ìdánwò, tí ìran kọ̀ọ̀kan sì gùn tó bí yóò ṣe gùn gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló ń gbà, ó di ọjọ́ 16 oṣù Kẹta. Egungun ló yẹ orúkọ rẹ̀, torí pé ẹran tí yíyà yóò fi bò ó kò gbọdọ̀ yí gígùn rẹ̀ padà.

Lópin ọ̀sẹ̀ kẹrin yíyà, ìṣẹ́jú-àáyá 80 ló yẹ kó ti parí. Bó bá jẹ́ 60, inú egungun ni kí wọ́n ti gé ìran kúrò, kì í ṣe inú ọjọ́ àfipamọ́. Bí ìwọ̀n yẹn kò bá yí padà, fíìmù oníṣẹ́jú méje àbọ̀ ni yóò bá gbèdéke.