Ta ló sọ fún ọmọ òṣìṣẹ́ pé Látìn kì í ṣe tiwọn?

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí a fẹ́ bọ́ sí kíláàsì àgbà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọ́n ní ká yan sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà? Ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọmọ ọdún 11 ni wọ́n ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣé wàá kọ́ Látìn, àbí o ò ní kọ́ ọ?

Lójú lásán, Látìn ò wúlò. Ta ló ń fi ra búrẹ́dì? Àmọ́ kíláàsì Látìn ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí wọ́n gbà pé orí wọn pé jù sí, àwọn ẹ̀kọ́ kan sì wà ní yunifásítì tí ẹni tí kò bá ní Látìn ò lè ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì tí máàkì wọn dọ́gba. Bàbá ọ̀kan jẹ́ dókítà, bàbá èkejì ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì. Nílé dókítà, kò sẹ́ni tó jókòó ṣèpàdé lórí Látìn. Bàbá kọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ọmọ náà á kàn tẹ̀ lé wọn. Nílé òṣìṣẹ́ fáktírì, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ rárá. Wọ́n á ní, "Ìyẹn kì í ṣe tiwa." Kò sẹ́ni tó lé ọmọ yìí. Fúnra rẹ̀ ló kọjá lọ.

Ohun tó mú un kọjá lọ yẹn ni Pierre Bourdieu pè ní hábítọ́ọ̀sì. Tiwa tó sún mọ́ ọn jù ni "bárakú": ohun tí a ti ń ṣe láti kékeré, tó wọ ara débi pé a kì í ronú ká tó ṣe é. Àmọ́ hábítọ́ọ̀sì ju ìṣe lọ. Ìrètí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ á ti wo ẹni tó rí já àti ẹni tí kò rí já ní àdúgbò, á sì fi ìyẹn wọn ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ láìmọ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ìwọ̀n tó ń lò bá ohun tó ti rí mu, ìyẹn gan-an ló sì burú níbẹ̀.

Bourdieu mọ ohun tó ń sọ. Abúlé Denguin ni wọ́n ti bí i ní 1930, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ní 1964, òun àti Jean-Claude Passeron gbé ìwé kan jáde tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Àwọn Àrólé. Wọ́n ṣírò pé àǹfààní tí ọmọ ọ̀gá àgbà ní láti wọ yunifásítì jẹ́ ìlọ́po 80 ti ọmọ alágbàṣe oko, àti ìlọ́po 40 ti ọmọ òṣìṣẹ́ fáktírì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn díẹ̀ tó ráyè wọlé. Ìmọ̀ ìṣègùn àti òfin kún fún ọmọ olówó. Àwọn ọmọ tálákà pọ̀ sí ẹ̀ka lítíréṣọ̀ àti sáyẹ́ǹsì, pàápàá àwọn obìnrin sí lítíréṣọ̀. Kí ló dé? Tíṣà ni ọ̀mọ̀wé kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ wọn ti fojú rí rí, ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ló sì ń sọ èèyàn di tíṣà.

Àmọ́ owó ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ láti 1957, ìjọba Faransé ìgbà náà ń san owó oṣù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó bá fọwọ́ síwèé pé àwọn á ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún 10. Ọmọ tí ilé ń dúró dè á gbà, kò nílò bárakú kankan. Ohun tí Raymond Boudon fi bá Bourdieu jiyàn ní 1973 jọ èyí: ó ní ìdílé ń ṣírò èrè àti ewu ni, pé ọmọ tálákà ní ohun púpọ̀ láti pàdánù bó bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ tó gùn.

Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Wá àwọn ọmọ tí máàkì wọn dọ́gba, kí o wo ibi tí kò ti sí ìyàtọ̀ owó. Ìdí nìyẹn tí mo fi pọ́n Látìn lé. Lílọ sí kíláàsì Látìn nílé ẹ̀kọ́ kan náà ò ju owó ìwé díẹ̀ lọ. Bí ọmọ òṣìṣẹ́ bá ṣì yà fún un, owó nìkan ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ti ìṣègùn ni mo máa fún Boudon, torí ọdún rẹ̀ pọ̀.

Ní 1968, Edgar Faure, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, yọ Látìn kúrò ní kíláàsì àkọ́kọ́ yẹn. Kò pẹ́ tí ìṣirò fi gba ipò rẹ̀ bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń ṣa àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ dókítà sì ti wà níbẹ̀.