Tíkẹ́ẹ̀tì WL àti RAC ní Íńdíà: Èwo lẹ lè fi wọ ọkọ̀?

Àwọn èèyàn wa tó ń lọ gbàtọ́jú tàbí kàwé ní Íńdíà máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú kan dé òmíràn. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wọn láàmú ni pé wọ́n á sanwó tán, àmọ́ orí tíkẹ́ẹ̀tì ò ní sọ pé wọ́n ti rí àyè. `WL` tàbí `RAC` ni wọ́n á rí níbẹ̀. Méjèèjì ò jọra rárá o.

`RAC` túmọ̀ sí pé ẹ lè wọ ọkọ̀. Ìjókòó lẹ ní, ibùsùn lẹ ò tíì ní: ẹ̀yin àti ẹnì kan á jọ jókòó lórí ibùsùn ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ẹlòmíràn bá fagi lé ìrìn àjò rẹ̀, ẹ lè gba odindi ibùsùn. `WL` ní tiẹ̀, ìlà lẹ ṣì wà. Bí wọ́n bá ṣe àkójọ orúkọ àwọn èrò tán, tó ṣì jẹ́ `WL`, tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti parẹ́ nìyẹn. Wọ́n á dá owó yín padà, wọ́n á yọ díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá àyè máa yọ? Ká ní ẹ fẹ́ lọ láti Nìù Dẹ́lì sí Ṣẹ́náì, tó ku ọgbọ̀n ọjọ́, tẹ́ ẹ rí `GNWL 48/WL 48`. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ipò yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, èkejì ni ipò yín báyìí. Lẹ́yìn ogún ọjọ́, ó di `GNWL 48/WL 19`. Èèyàn 29 tó wà níwájú yín ti kúrò lórí ìlà. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 15 sí i á kúrò ní ọjọ́ mẹ́wàá tó kù, ẹ á wà ní `WL 4`. Àmọ́ bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́lé làwọn èèyàn máa ń fagi lé tiwọn jù. Yàtọ̀ síyẹn, tí wọ́n bá ń ṣe àkójọ ìkẹyìn, àyè pàjáwìrì tẹ́nikẹ́ni ò lò máa ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wà lórí ìlà. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe dáadáa kẹ́ ẹ bọ́ sí `RAC`.

Ẹ má fi nọ́ńbà nìkan ṣèdájọ́ o. `WL 19` ní `SL`, tí kóòṣì kan gba nǹkan bí èèyàn 72, tí kóòṣì sì pọ̀, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ní `1A` tí ibùsùn rẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ yáa wá ọkọ̀ mìíràn. `GNWL` ló ń tètè rí àyè jù. `RLWL` àti `PQWL` tó jẹ́ tàwọn ibùdókọ̀ àárín ọ̀nà ò yára bẹ́ẹ̀. Nígbà ọdún Dìwálì, gbogbo ìṣirò yìí lè forí ṣánpọ́n, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi àyè ẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé dókítà ti fún yín lọ́jọ́, `RAC` ni kẹ́ ẹ gbọ́kàn lé, ẹ má gbọ́kàn lé `WL`.